Ínfátà àti Bátìrì Nínú Ilé: Ihò Afẹ́fẹ́, Wáyà àti Fíúùsì Tí Kì Í Jẹ́ Kí Iná Ṣẹ́ Yọ

Ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń gbé bátìrì ínfátà pamọ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn kí olè má baà gbé e lọ. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí olè kò lè dé ni afẹ́fẹ́ kì í sábà dé pẹ̀lú. Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ fi ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Abigi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ni ín fẹ́ lo ínfátà 2.5 kVA tó ń lo fóòtì 24, pẹ̀lú bátìrì olómi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12, tí a kọ 220 Ah sí lára. Ohun mẹ́ta ni yóò sọ bóyá ilé náà yóò sùn ní àlàáfíà: ibi tí bátìrì wà, bí wáyà ṣe nípọn tó, àti fíúùsì tó wà láàárín wọn.

Ibi tí a ó gbé bátìrì sí

Nígbà tí bátìrì olómi bá ń gba iná, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, omi inú rẹ̀ a máa yà sí afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ni háídírójìn. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú yàrá, ẹ̀tapàrà iná kékeré láti ara súìṣì tó fún un láti búgbàù. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gbé bátìrì olómi sí yàrá tí ènìyàn ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sí nítòsí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tàbí sílíńdà gáàsì.

Háídírójìn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè àjà ló máa ń sá lọ. Fèrèsé tó mọ sí àárín ògiri kò lè kó o jáde tán. Ihò méjì la nílò: ọ̀kan nísàlẹ̀ ògiri kan, kí afẹ́fẹ́ tútù máa gbà á wọlé, àti èkejì lókè ògiri tó kọjú sí i, lábẹ́ àjà gan-an. Bí a bá lo ìṣirò tí àwọn onímọ̀ iná ń lò fún bátìrì méjì yìí, ihò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kéré ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti mẹ́sàn-án ní gígùn lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn máa ń dí apá kan ihò, nítorí náà a gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é ní 15 sí 15. Bí bátìrì bá pọ̀ sí i, ihò náà gbọ́dọ̀ tóbi sí i.

Ẹ má ṣe gbé ínfátà sí orí bátìrì gan-an. Ẹ kàn án mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí èéfín omi bátìrì má baà máa bà á jẹ́, kí ẹ̀tapàrà inú rẹ̀ má sì bá háídírójìn pàdé. Nítorí omi òjò, ẹ gbé bátìrì sórí pèpéle sìmẹ́ńtì tàbí irin, kì í ṣe sórí pákó. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, bátìrì ń gba iná jù nìyẹn. Ẹ gé iná tó ń wọ inú rẹ̀ láti ibi súìṣì tó jìnnà sí i, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀.

Bí wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó

Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ínfátà 2.5 kVA lè gbé nǹkan bí wáàtì 2,000. Lójú wáyà tó ń lọ sí fáànù àti fíríìjì, èyí kò ju ámpíà mẹ́sàn-án lọ, nítorí fóòtì 230 ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n láàárín bátìrì àti ínfátà, fóòtì 24 péré ló wà, ó sì lè lọ sílẹ̀ dé 21 bí bátìrì bá ti ń rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá iná náà sì ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
2000 W ÷ (21 V × 0.9) = 106 A
```

Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó ń gba inú wáyà ilé kọjá lọ. Bí oníṣẹ́ bá wá fi wáyà 10 mm² so bátìrì mọ́ ínfátà, tí wáyà náà gùn tó mítà kan àbọ̀ lọ, mítà kan àbọ̀ bọ̀, ooru wáàtì 62 ni yóò máa jáde lára rẹ̀, bí ẹni pé a tan gílóòbù ayé àtijọ́ kan sínú rọ́bà rẹ̀. Rọ́bà náà yóò rọ̀, yóò yọ́, wáyà méjèèjì yóò sì kan ara wọn. Bí a bá lo 50 mm², ooru náà kì í ju wáàtì 13 lọ. Èyí ni a gbà fún ilé yìí, kí wáyà náà má sì gùn ju bó ti yẹ lọ.

Kí ẹ tó san owó, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà náà. Bí ó bá funfun nínú, kì í ṣe bàbà gidi. Ìso tó dẹ̀ léwu gẹ́gẹ́ bí wáyà tínrín. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí ínfátà ti ń gbé ẹrù, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan rọ́bà wáyà náà, láì fọwọ́ kan irin. Bí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró, tàbí tí ìfun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá hù sí orí bátìrì, ẹ pe oníṣẹ́ yín.

Fíúùsì ni olùṣọ́ wáyà

Bí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn, bátìrì méjì yìí lè tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpíà jáde lójú ẹsẹ̀. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, nítòsí bátìrì bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, nítorí wáyà tó wà ṣáájú fíúùsì kò ní olùṣọ́. Agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ohun tí ínfátà ń fà lọ, kó sì kéré sí ohun tí wáyà lè gbé. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé 106, a ó ní nǹkan bí 132. Wáyà 50 mm² lè gbé nǹkan bí 158 nínú ooru ilẹ̀ wa. Nítorí náà, fíúùsì 150 A ló bá a mu. Bí a bá fi fíúùsì kan náà sórí wáyà 10 mm², wáyà yóò ti jóná kí fíúùsì tó já.

Fíúùsì àti súìṣì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kọ DC sí lára. Iná bátìrì kì í dáwọ́ dúró rárá, nígbà tí ti iná ìjọba máa ń já sí òfo lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Súìṣì tí a ṣe fún iná ìjọba nìkan lè máa ta pàrà nínú láì lè gé iná bátìrì. Bí fíúùsì bá já, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìṣó tàbí ẹ̀wẹ́ wáyà rọ́pò rẹ̀.

Bátìrì lítíọ́mù kì í tú háídírójìn jáde nígbà tó bá ń gba iná, ṣùgbọ́n ìṣirò wáyà àti fíúùsì kò yí padà. Bí ó bá wú tàbí tó fara gbá, ẹ má ṣe lò ó mọ́.

Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde kí ẹ tó ronú nípa ẹrù, kí ẹ sì pe 112. Bí ó bá ṣì kéré, tí ọ̀nà àbájáde sì wà lẹ́yìn yín, ẹ̀rọ ìpaná alátíkè ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó gbà kí oníṣẹ́ fọwọ́ kan ilé yín, ẹ bi í pé: ámpíà mélòó ni yóò gba wáyà yìí kọjá, níbo ni fíúùsì yóò wà, níbo sì ni afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde? Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ NEMSA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò tíì yẹ láti gbé bátìrì wọ ilé yín.