Baba Wà Lókè Òkun, Ọmọ Wà ní Ìjẹ̀gùn: Bí A Ṣe Ń Gba Owó Ìtọ́jú Ọmọ



Nínú ìlànà Ṣàríà, yàtíìmù ni ọmọ tí baba rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà. Ọmọ tí baba rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe yàtíìmù. Ẹni tí baba rẹ̀ jẹ ní gbèsè ni. Bí ebi bá ń pa á, a ó fún un ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò kúrò lọ́rùn baba nítorí pé a fi sàká bọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí ìyá ọmọ lè gbà rí owó náà gbà.

Hindu, ìyàwó Abuu Sufiyaan, fẹjọ́ sun Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ahun ni ọkọ òun, kì í fún òun ní ohun tó tó òun àti ọmọ òun. Ànábì yọ̀ǹda fún un kí ó mú nínú dúkìá ọkọ rẹ̀ ìwọ̀n tó tó wọn, níbi tó bá dára mọ. Ohun méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Ìkínní, dúkìá baba ni a ń wò, kì í ṣe ohun tó bá wù ú láti sọ pé òun ní. Èkejì, ìwọ̀n tó tó ni, kì í ṣe àjẹjù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀. Nínú mọ́síábù Imaamu Maaliki tí àwa ń tẹ̀lé, owó oúnjẹ ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kì í di gbèsè tí a lè bèèrè, àfi bí adájọ́ bá ti pa á láṣẹ, tàbí bí ẹlòmíràn bá ti ná an láìṣe ọ̀fẹ́, pẹ̀lú èrò pé òun yóò gbà á padà. Nítorí náà, ìyá tó bá dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta lè pàdánù ọdún mẹ́ta. Kí ó tètè gba àṣẹ. Kí ó sì ní ìwé kan tí ó ń kọ ohun tó ná sí, pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé ìwé àti ti oògùn.

Ìgbìmọ̀ àwọn alfa lè là wọ́n níjà, ó sì dára kí a kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò lè pàṣẹ fún báǹkì tàbí fún ayálégbé. Kọ́ọ̀tù ló lè ṣe é. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí rẹ̀ bí agbára òbí bá ṣe mọ, Kọ́ọ̀tù Ẹbí ni a sì ti ń béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Aráàlú tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ ti máa ń bàjẹ́ ni fífi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé baba lọ́wọ́. Bí ó bá wà lókè òkun, lọ́yà gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́ láti fi ìwé ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, tàbí láti fi í ránṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àṣẹ tí a gbà láìjẹ́ kí baba gbọ́, ó lè dé lọ́jọ́ kan kí ó ní kí wọ́n fagi lé e.

Lẹ́yìn àṣẹ, níbo ni owó wà? Ẹni tó ń fi owó pamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbàgbé pé ilé tó kọ́ sí Ìjẹ̀gùn kò ṣeé fi pamọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé adájọ́ pàṣẹ ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000) lóṣù fún ọmọ méjì láti oṣù karùn-ún. Baba kò san nǹkan kan. Nígbà tí oṣù Disẹ́ḿbà bá parí, oṣù mẹ́jọ ti pé, gbèsè ti di ₦800,000. Ilé rẹ̀ ní ayálégbé méjì, owó ilé kálukú jẹ́ ₦400,000 lọ́dún, oṣù Jánúárì ni wọ́n sì ń san án fún àbúrò rẹ̀. Lọ́yà yóò béèrè àṣẹ tí àwọn amòfin ń pè ní gánìṣì. Kọ́ọ̀tù yóò kọ́kọ́ ní kí àwọn ayálégbé dá owó náà dúró, kí wọ́n sì wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n san án fún ìyá ọmọ. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Bí wọ́n bá gbà pé àwọn jẹ owó ilé, tí kò sì sí awuyewuye, àṣẹ yóò di pátápátá. Ẹni tó bá san án fún ìyá ọmọ ti san owó ilé rẹ̀ nìyẹn.

Ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú àsìkò. Owó tí ayálégbé ti san tán kò ṣeé dá dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, èyí tí àsìkò rẹ̀ kò sì tíì tó kò tíì di gbèsè. Kí ìyá mọ oṣù tí owó ilé ń pé. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà rìsíìtì ilẹ̀, ìwé àwòrán ilẹ̀ àti rìsíìtì owó ilé, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ ni pé àbúrò ló ni ilé. Bí orúkọ àbúrò bá wà lórí gbogbo ìwé, ọ̀nà yìí le púpọ̀. Kí ìyá má sì lọ fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé. Ọ̀ràn ni yóò dá.

Bí kò bá sí ilé nílé ńkọ́? Fún ẹni tó wà ní Ìlú Ọba, ọ̀nà àtijọ́ kan ṣì ṣí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1920 lórí àṣẹ owó ìtọ́jú mọ Nàìjíríà, àwa náà sì ní òfin tiwa tó bá a mu. Kọ́ọ̀tù níbí lè gbọ́ ẹ̀rí ìyá, kí ó ṣe àṣẹ onígbà díẹ̀ láìsí baba níbẹ̀. Àṣẹ yìí kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ni yóò gbà dé ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ REMO (kì í ṣe Rẹ́mọ ti Ṣàgámù o), wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀tù tó sún mọ́ ibi tí baba ń gbé. Kọ́ọ̀tù náà yóò pè é, yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fọwọ́ sí àṣẹ náà bó ṣe wà tàbí kí ó dín in kù. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, kọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀.

Ohun tó ń dá a dúró jù ni àdírẹ́sì. Láìsí ibi tí baba ń gbé tàbí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé yóò máa rìn kiri ni. Nítorí náà, àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé owó tó fi ránṣẹ́ nígbà kan, tàbí lórí àpò ẹrù, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ tọ́jú ìwé yìgì àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ọ̀nà yìí kì í yá. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ.

Àwọn kan máa ń sọ fún ìyá pé kí ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ. Ilé iṣẹ́ yẹn kì í gba ẹjọ́ ọmọ tó ń gbé Nàìjíríà. Bí baba bá wà ní Amẹ́ríkà, òfin 1920 kò dé ibẹ̀. Amẹ́ríkà wọ inú àdéhùn Hague ti ọdún 2007 lórí owó ìtọ́jú ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Lọ́yà ní ìpínlẹ̀ tí baba ń gbé gan-an ni yóò pe ẹjọ́ níbẹ̀, tàbí kí a wo ohun tó ní nílé.

Ẹ̀yin ará, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wa ni àbúrò tó ń gba owó ilé yẹn. Amaana ni owó náà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni ebi ń pa. Bí ó bá lè mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó máa fún ìyá ọmọ lára owó ilé náà lóṣooṣù, ó ti dín iṣẹ́ kọ́ọ̀tù kù, sàká tí ẹ fi ránṣẹ́ yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí baba rẹ̀ kú lóòótọ́. Kí Ọlọ́hun rọ̀ wá lọ́kàn sí ọmọ wa àti ọmọ ọlọ́mọ. Aamiin.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́