Ìwò 200,000, dọ́là 54: ta ló mú owó yòókù?

Lóṣù tó kọjá, nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ọ̀gá mi kan tó ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín pè mí lórí fóònù. Èmi ni mo máa ń bá a to fídíò rẹ̀, èmi náà ni mo ń gbé e sórí YouTube. Kò tiẹ̀ kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àbúrò, ta ló mú owó mi?"

Wọ́n ti wo fídíò rẹ̀ kan ní ìgbà 200,000. Owó tó rí lórí rẹ̀ jẹ́ dọ́là 54. Ó ti gbọ́ níbì kan pé dọ́là 5 ni YouTube ń san lórí ìwò 1,000, ló bá ti ṣírò dọ́là 1,000 sílẹ̀ de ara rẹ̀. Ó ti ṣèlérí owó fún òṣèré mẹ́rin, ó sì ti gba jẹnẹrétọ̀ lò láwìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo lọ bá a nílé. Mo mú fídíò mìíràn mọ́ tirẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń gbé níbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń yá owó ra ilé. Ìwò 20,000 péré ló ní, ṣùgbọ́n dọ́là 138 ló pa. (Àwọn méjèèjì gbà kí n sọ ọ́. Mo kàn sọ àwọn iye náà di odidi kí ìṣirò lè rọrùn ni.)

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀gá mi ti ṣì í. YouTube kì í san owó lórí ìwò. Ẹni tó ń polówó ọjà ló ń sanwó, ìpolówó tó hàn lójú èèyàn ló sì ń sanwó lé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé nínú ìwò 200,000 yẹn, mélòó ni ìpolówó wà níbẹ̀? Nínú YouTube Studio, ẹ ó rí iye kan tó ń jẹ́ Estimated monetized playbacks. Iye ìgbà tí ìpolówó kan, ó kéré tán, hàn nínú fídíò yín nìyẹn. Ti ọ̀gá mi jẹ́ 60,000. Ìwò 140,000 tó kù kò ní ìpolówó kankan. Nígbà mìíràn, kò sí olówò tó fẹ́ irú ẹni tó ń wò ó lásìkò náà. Àwọn mìíràn ń san owó Premium kí ìpolówó má bàa yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí mo ti rí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jìn sí. Studio tún ní ohun kan tó ń pè ní Impressions, iye rẹ̀ sì máa ń tóbi gan-an. Ìyẹn kì í ṣe ti ìpolówó o. Iye ìgbà tí àwòrán ojú fídíò yín hàn sí àwọn èèyàn ni, kò sì sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó kan owó ni Ad impressions, iye ìgbà tí ìpolówó fúnra rẹ̀ hàn. Ti ọ̀gá mi jẹ́ 66,000.

Ó wá ku iye tí àwọn olówò san. CPM ni iye tí wọ́n san fún ìpolówó 1,000 tó hàn. Ti ọ̀gá mi jẹ́ dọ́là kan ààbọ̀. Ìpolówó 66,000 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan lọ́nà 66. Ẹ fi dọ́là kan ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó di dọ́là 99. YouTube mú 45 nínú ọgọ́rùn-ún, 55 kù fún ẹni tó ni fídíò. Ibẹ̀ ni dọ́là 54 ti wá. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan.

RPM ló wá gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀:

```
RPM = (owó tó kù fún yín ÷ iye ìwò) × 1000
```

Ìwò tó pín owó náà ni gbogbo ìwò, títí kan àwọn tí kò ní ìpolówó. Ti ọ̀gá mi jẹ́ sẹ́ńtì 27. Ẹ ṣàkíyèsí pé RPM kì í ṣe iye owó ọjà tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ de yín. Ìyókù ìṣirò ni. Ìdí nìyẹn tí RPM ẹlòmíràn kò fi lè sọ iye tí ẹ máa gbà.

Ó dáa, ti ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Nínú ìwò 20,000 tirẹ̀, 14,000 ló ní ìpolówó. Fídíò rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 14, fídíò tó bá sì ti tó ìṣẹ́jú 8 ni YouTube máa ń gbà kí ìpolówó wọ àárín rẹ̀, nítorí náà ìpolówó 28,000 ló hàn. CPM rẹ̀ jẹ́ dọ́là 9. Ìyẹn dọ́là 252. Ìpín tirẹ̀ jẹ́ dọ́là 138 àti sẹ́ńtì 60. RPM rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 7.

Dọ́là 9 sí dọ́là kan ààbọ̀, kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Gbàǹjo ni. Bí èèyàn bá ti fọwọ́ kan fídíò, àwọn olówò tó fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ á na owó lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá na jù ló sábà máa ń gba ààyè. Ẹni tó ń ta bisikíìtì kò lè na owó púpọ̀, torí èrè orí bisikíìtì kan kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn lówó ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé oníbàárà kan ṣoṣo lè san èlé fún ọdún 25. Bó bá na owó ńlá kó tó rí ẹyọ kan, kò pàdánù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn lọ́yà àti àwọn adójútòfò ṣe ń rò ó.

Ọ̀gá mi ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n kúkú máa sọ̀rọ̀ owó ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń náwó lé. Wọ́n ń wo ẹni tó ń wò yín àti ibi tó wà. Bí àwọn ará Ìbàdàn tó ń wo ọ̀gá mi bá tẹ̀ lé e lọ sórí ọ̀rọ̀ ilé rírà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ ayánilówó yẹn kò ní na kọ́bọ̀ sí wọn. Wọn ò lè yá wọn lówó. Mi ò sì rò pé wọ́n á tẹ̀ lé e.

Ohun tó wúlò fún un jù ni kó mọ ibi tí owó ti ń jò. Bí RPM bá lọ sílẹ̀ tí CPM kò yí padà, ìpolówó ló dín kù lórí ìwò yín. Ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo wò ó, àmì dọ́là fídíò rẹ̀ tuntun ti di àwọ̀ ìyeyè, torí èébú tó kún inú eré náà. Mo gé e kúrò, mo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó padà di àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí CPM fúnra rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, pàápàá ní oṣù Kìíní, ẹ má da ara yín láàmú. Àwọn olówò ti ná èyí tó pọ̀ nínú owó ìpolówó wọn tán nígbà ọdún Kérésìmesì.

Ní báyìí, ọ̀gá mi kì í ṣèlérí iye kan pàtó fún òṣèré mọ́. Ìpín ló ń fún wọn, kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí iye tó dájú yóò fi yọ nínú AdSense láàárín ọjọ́ 7 sí 12 oṣù tó tẹ̀ lé e, torí èyí tí Studio ń fi hàn kó tó dìgbà yẹn, àfojúbù ni. Ó ti san ìdajì owó jẹnẹrétọ̀ yẹn.