Owó Tí Kì Í Hàn Nínú Álẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ ká mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan. Akáǹtáǹtì làwọn méjèèjì, ilé-iṣẹ́ ńlá kan náà ní Èkó ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, agbaṣẹ́ṣe ni àbúrò. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà, ₦200,000, ni wọ́n bá kálukú wọn ṣe lóṣù.

Lópin oṣù, ₦190,000 wọ báńkì àbúrò. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ ₦169,800. Ó dà bíi pé wọ́n rẹ́ ẹ̀gbọ́n jẹ, àbí? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Nínú owó oṣù ẹ̀gbọ́n, ká ní ₦150,000 ni owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Lórí èyí ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ti ní kí wọ́n yọ 8% lára òṣìṣẹ́, ìyẹn ₦12,000. Àmọ́ ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ fi 10% tirẹ̀ kún un, ₦15,000, láti àpò ara rẹ̀. ₦27,000 ló ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n lóṣooṣù. Owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 sì yọ ₦18,200, bí a kò bá ka ẹ̀dínwó mìíràn: ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò lówó orí, 15% ló wà lórí ìyókù tirẹ̀.

Àbúrò ńkọ́? ₦10,000 tí wọ́n yọ, ìyẹn 5%, àsansílẹ̀ owó orí lásán ni. Owó orí rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦240,000, ìdajì péré ló ti san. Ó ṣì jẹ ìjọba ní ₦120,000, tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ san. Ibí yìí ló ti ń dun ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe: wọ́n ti ná an tán. Òmíràn ò tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí iye tí ilé-iṣẹ́ yọ, bẹ́ẹ̀ láìsí i, ó ṣòro kí wọ́n ka owó náà sí i lọ́rùn.

Nítorí náà, ₦180,000 ni tàbúrò ní tòótọ́. Ti ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì, jẹ́ ₦196,800. Kí àbúrò tó bá a dọ́gba, kó béèrè tó ₦220,000. A ò sì tíì ka ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n ń sanwó fún ẹ̀gbọ́n nígbà tó bá wà nílé, tàbí 1% tí ọ̀gá ń san nítorí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan kọ́ ni ilé-ẹjọ́ ń wò. Nínú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní 2008, lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò ni ẹni tó ni irinṣẹ́, àkókò iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, àti bóyá èèyàn lè rán ẹlòmíràn wá ṣe é dípò ara rẹ̀. Bí àbúrò bá ń dé ní aago mẹ́jọ láràárọ̀, tó ń lo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, tí kò sì gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni wá, kó tọ́jú ìwé ìwọlé àti àwọn àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọn ò san owó ìfẹ̀yìntì fún.