Áàpù Wo Lẹ Tún Ń Wá Kí Ẹ Tó Tẹ̀wé Láti Orí Fóònù?

Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-Wáífáì lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí ìwé inú páálí sábà máa ń sọ fún un ni pé kó lọ gba áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sórí fóònù rẹ̀. Áàpù yìí á jẹ dátà, á gba àyè, á sì lè ní kó fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀ nítorí lẹ́tà ojú ìwé kan ṣoṣo tó fẹ́ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fóònù náà ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ilé-iṣẹ́ Apple ló kọ́kọ́ gbé e dé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, nígbà tó fi AirPrint sínú Aífóònù. Ní 2013, Canon, HP, Samsung àti Xerox para pọ̀ dá ẹgbẹ́ Mopria sílẹ̀, kí fóònù má baà máa kọ́ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yẹn kan náà, Android 4.4 ní ibi tí èèyàn ti lè pàṣẹ pé kí ìwé di títẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ní láti gba áàpù ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kún un. Android 8 tó jáde ní 2017 ló fòpin sí ìyẹn: wọ́n fi ìlànà Mopria sínú fóònù fúnra rẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ nínú Settings ni Default Print Service.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá wà lórí Wáífáì kan náà, fóònù á ké sí gbogbo ohun tó wà lórí Wáífáì yẹn pé ta ló lè tẹ̀wé níbẹ̀. Ẹ̀rọ á dáhùn, á sọ orúkọ rẹ̀, irú bébà tó lè lò, àti bóyá ó ní àwọ̀ tàbí dúdú nìkan ló mọ̀. Fóònù á wá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i tààrà. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde nílé rárá. Kò dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, máífáì tí dátà rẹ̀ ti tán látàná ṣì lè ṣiṣẹ́ yìí, bí bátìrì bá ṣáà ti wà nínú rẹ̀. Àwọn tí kò mọ èyí ni wọ́n máa ń ra dátà nítorí àtitẹ ìwé ojú kan.

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan n'Ìbàdàn, tí wọ́n fi ìbéèrè ìdánwò ojú ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Fáìlì PDF ni. Ẹ̀rọ HP kékeré ló wà nílé rẹ̀, irú èyí tí kò ní ojú gíláàsì, bọ́tìnnì lásán ló ní. Kí ẹ̀rọ yìí tó lè bá fóònù sọ̀rọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ wọ orí máífáì ilé. Bí máífáì bá ní bọ́tìnnì WPS, kò ní wàhálà: kí olùkọ́ tẹ bọ́tìnnì Wáífáì tó wà lára ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú, kó sì tẹ WPS ara máífáì kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Bí iná náà bá dúró gbọn-in, wọ́n ti gba ara wọn.

Bí kò bá sí WPS ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n á ní áàpù náà ló kù. Ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Ẹ̀rọ náà ní Wáífáì tirẹ̀ tó ń tàn káàkiri, orúkọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT-. Bí olùkọ́ bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ lẹ́tà i sí, ẹ̀rọ á tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ yìí àti páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kó fi fóònù wọ orí Wáífáì yẹn, kó ṣí Chrome, kó sì kọ èyí síbi àdírẹ́sì:

```
192.168.223.1
```

Ojú ewé tó máa ṣí, inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gan-an ló ti wá. Níbi tí wọ́n kọ Network sí, á rí Wireless Setup Wizard. Kó mú orúkọ máífáì rẹ̀ níbẹ̀, kó sì fi páásíwọ̀ọ̀dù máífáì sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń ṣe gbogbo èyí. Àdírẹ́sì HP ni mo kọ yẹn o. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kó wo ìwé ìlànà tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ti dín kù. Olùkọ́ á dá fóònù padà sórí máífáì, á ṣí fáìlì náà, á fọwọ́ kan àmì tó-tò-tó mẹ́ta tó wà lókè, á sì mú Print. Lókè ojú ewé tó bá yọ, Save as PDF ló lè kọ́kọ́ bá. Kó fọwọ́ kàn án, kó mú All printers, kó sì ní sùúrù díẹ̀ títí orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ á fi yọ. Lórí Aífóònù, àmì àpótí tí ọfà jáde lórí rẹ̀ ló máa fọwọ́ kàn kó tó rí Print.

Kó má tíì tẹ̀ ẹ́. Kó kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ Paper size sí. Àwọn fóònù kan máa ń yan Letter, bébà àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó fẹ̀ ju A4 tiwa lọ díẹ̀, tí kò sì gùn tó o. Bí kò bá yí i padà sí A4, ẹ̀rọ lè dúró kó máa ṣẹ́ná, torí pé bébà tí wọ́n ní kó lò kọ́ ló bá nínú rẹ̀.

Àròyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé fóònù kò rí ẹ̀rọ. Fóònù fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fà á: tó bá rí i pé máífáì kò ní dátà, ó lè yẹra kúrò níbẹ̀, kó padà sórí dátà síìmù láìdágbére. Ẹ pa dátà síìmù, kí ẹ sì gbà bí fóònù bá béèrè bóyá kó dúró sórí Wáífáì náà. Ìkejì, Wáífáì àlejò tó wà ní ọ́fíìsì àti òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ṣe é débi pé ẹni méjì tó wà lórí rẹ̀ kò ní lè rí ara wọn.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tó ti bàjẹ́? Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì i, kí ẹ wo àdírẹ́sì tí máífáì fún ẹ̀rọ lórí ìwé tó bá jáde, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú Chrome. Bí ojú ewé ẹ̀rọ bá ṣí, ọ̀nà là, wíwá nìkan ni fóònù kò mọ̀ ọ́n wá: ẹ lọ sínú Default Print Service, ẹ mú Add printer, kí ẹ fi àdírẹ́sì náà sí i. Bí kò bá ṣí, ọ̀nà ti dí, áàpù kankan kò sì lè là á.

Iṣẹ́ tí èyí kò lè ṣe náà wà. Kò lè ya ìwé wọ inú fóònù, bí ẹ̀rọ yín tiẹ̀ ní ibi ìyàwé. Áàpù ilé-iṣẹ́ ṣì wúlò fún ìyẹn. Ẹ̀rọ tó sì jẹ́ wáyà nìkan ló ní, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra tiyín, ẹ wo ara páálí dáadáa kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí Mopria àti AirPrint níbẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà nílé ló máa bá a ṣiṣẹ́.