Ìbéèrè Tó Ti Dáhùn Ara Rẹ̀

Nínú ìwádìí nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbọ́ rédíò, bí wọ́n ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n àti bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn lórí fóònù, àléébù méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú ìbéèrè tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè tó fi ìdáhùn sí ènìyàn lẹ́nu. Èkejì ni ìbéèrè olórí-méjì, èyí tó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ àyè ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún un. Pípọ̀ àwọn tí wọ́n dáhùn kò lè wo àléébù wọ̀nyí sàn. Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn bá dáhùn ìbéèrè tó wọ́, èsì tó wọ́ ni yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní àwọn olùwádìí kan fẹ́ mọ ibi tí àwọn oníṣòwò ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ti ń gbọ́ ìròyìn, tí ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sì lọ báyìí: “Ṣebí rédíò ni ẹ máa ń gbọ́ kí ẹ tó mọ ohun tó ń lọ nílùú, tí ẹ sì fọkàn tán an?” Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì létí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi léwu. “Ṣebí” kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lò ó ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó kàn ń wá ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ kan náà ni “àbí” ń ṣe nígbà tó bá gbẹ̀yìn gbólóhùn. Ìyá oníṣòwò tí àlejò kí dáadáa, tó sì jókòó tì nídìí igbá, kò ní fẹ́ já àlejò náà ní koro. “Bẹ́ẹ̀ ni o” ni yóò sọ, ì báà jẹ́ pé orí Wáàsáàpù ni ọmọ rẹ̀ ti ń fi gbogbo ìròyìn hàn án.

Bí a bá yọ “ṣebí” kúrò, tí a fi “ṣé” rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, nítorí orúkọ rédíò nìkan ló ṣì wà nínú ìbéèrè náà. Èyí tó dára jù ni pé: “Láàárọ̀ àná sí alẹ́ àná, níbo ni ẹ ti gbọ́ ìròyìn tàbí kà á?” Olùbéèrè yóò ní àkójọ ìdáhùn lọ́wọ́ tirẹ̀ láti fi àmì sí, àmọ́ kò ní kà á sókè. Kìkì pé ènìyàn máa ń gbàgbé nǹkan kéékèèké. Nítorí náà, lẹ́yìn tí olùdáhùn bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, olùbéèrè lè wá dárúkọ àwọn tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa yí ètò wọn padà láti orí ènìyàn kan dé orí èkejì, kí èyí tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu má baà máa jàǹfààní ipò rẹ̀.

“Àná” tó wọnú ìbéèrè náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. “Máa ń” ń pe ènìyàn láti sọ irú ẹni tó ka ara rẹ̀ sí, àná sì ń pè é láti rántí ohun tó ṣe. Ẹni tó gbà pé ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń lọ yóò sọ pé òun máa ń gbọ́ ìròyìn, bí ọ̀sẹ̀ kan bá tilẹ̀ ti kọjá tí kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àná ẹnì kan lè yàtọ̀ sí ojoojúmọ́ rẹ̀, pàápàá tí kò bá sí iná. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ náà kárí ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè tó ní “kì í” nínú tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá bi ènìyàn pé, “Ṣé ẹ kì í gbọ́ rédíò?”, ẹni tí kì í gbọ́ ọ lè dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni”, torí pé ó gba ohun tí a sọ. Ẹlòmíràn tí kì í gbọ́ ọ bákan náà lè sọ pé “Rárá, mi kì í gbọ́ ọ.” Orí fọ́ọ̀mù, àpótí méjì tó ta ko ara wọn ni wọn yóò bọ́ sí.

Ní ti olórí-méjì, “gbọ́” àti “fọkàn tán” nínú àpẹẹrẹ wa hàn gbangba pé nǹkan méjì ni wọ́n. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí kò sì gbà á gbọ́ kò ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Ó rọrùn láti rí èyí torí “sì” ló so wọ́n. Èyí tó fara pa mọ́ jù ni èyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tẹ̀lé ara wọn láìsí ohun tó so wọ́n. “Ṣé ẹ ra ìwé ìròyìn kà lọ́sẹ̀ tó kọjá?” dà bí ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra Aláròyé fún bàbá rẹ̀ láìṣí i wò ńkọ́? Àti ẹni tó kà á tán lórí ìdúró níwájú afẹnà, tàbí tó yá ti ẹni ìkejì nínú ṣọ́ọ̀bù? A ní láti pín in: “Ṣé ẹ ka ìwé ìròyìn kankan lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Lẹ́yìn náà: “Èyí tí ẹ kà kẹ́yìn, báwo ló ṣe dé ọwọ́ yín?”

Kì í ṣe gbogbo “tàbí” ló ń ba ìbéèrè jẹ́ o. Bí ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò bá ju pé ṣé ẹnì kan wo fídíò lánàá lọ, “lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n” kò ní àléébù, torí èyíkéyìí nínú méjèèjì ń sọ ohun kan náà fún wa. Ó di àléébù nígbà tí olùwádìí bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fóònù nìkan lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

Ìbéèrè lè mọ́ tónítóní kí àwọn ìdáhùn tí a tò sábẹ́ rẹ̀ sì máa darí ènìyàn. Ìwádìí tí Norbert Schwarz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 1985, fi èyí hàn kedere. Wọ́n béèrè wákàtí tí àwọn ènìyàn fi ń wo tẹlifíṣọ̀n lójúmọ́. Ìdáhùn tí wọ́n tò fún apá kan bẹ̀rẹ̀ láti ìlàjì wákàtí, ó sì parí sí “ó ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ.” Ti apá kejì bẹ̀rẹ̀ láti “kò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ”, ó gòkè títí kọjá mẹ́rin àbọ̀. Ní apá kìíní, ìdá 16.2 nínú 100 ló sọ pé àwọn ń wò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Ní apá kejì, ó di 37.5. Àwọn olùdáhùn gbà pé àárín àkójọ náà ni ti àwọn ènìyàn yòókù, wọ́n sì fi ara wọn sí tòsí ibẹ̀. Ó sàn kí a béèrè pé “Wákàtí àti ìṣẹ́jú mélòó?”, kí a sì kọ ohun tí ẹnu wọn bá sọ. A lè bi wọ́n ní ti àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìrántí lè rí ibi dì mú.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ènìyàn bíi mẹ́wàá láti inú ọjà kan náà ni a ó kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù náà wò lára wọn. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, a ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò kí wọ́n tó dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ pé “Èwo nínú méjèèjì?” tàbí “Ti ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ti èyí, rárá” ti tú àṣírí olórí-méjì. Ìyá tó sọ pé òun gbọ́ rédíò lánàá lè wá ṣàlàyé pé ti aláta ẹ̀gbẹ́ òun ló ń dún, òun ò fetí sí i. A gbọ́dọ̀ pinnu nígbà náà bóyá “gbọ́” ni a fẹ́ kà tàbí “fetí sí”, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá dáhùn ìbéèrè kan sí apá kan náà láìronú, ìbéèrè yẹn ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Tí iyèméjì bá ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kan, a lè fún ìdajì àwọn olùdáhùn ní gbólóhùn kan, kí a fún ìdajì yòókù ní èkejì, kí ó jẹ́ pé ìbò ni a fi pín wọn. Bí èsì méjèèjì bá jìnnà sí ara wọn ju bí orí ìbò lásán ṣe lè mú un wá lọ, ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè ló fà á.