Ipò Ọkàn, Ewu àti Ètò: Àgbéyẹ̀wò Àkọsílẹ̀ Dókítà Ọpọlọ lẹ́yìn Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Àkọ́kọ́ ní Agbègbè Yewa

1.0 Ìfáàrà

Nígbà tí aláìsàn bá kọ́kọ́ fojú kan dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ìwé kan wà tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ sínú fáìlì rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí. Ìwé náà kì í sábà ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ. Ohun mẹ́ta ni ẹni tó bá kà á lẹ́yìn náà ń wá níbẹ̀: bí ọkàn aláìsàn ti rí lọ́jọ́ náà, ewu tó rọ̀ mọ́ ọn, àti ètò tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tó máa kà á lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, tàbí dókítà mìíràn tí kò rí aláìsàn náà rí. Bí ìwé náà bá pa irọ́, tàbí tó bá dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ní Ìlaròó, Ayétòrò àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni aláìsàn fi ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ fáìlì. Ìbéèrè tó jẹ bébà yìí lógún ni èyí: kí ni ó ń sọnù láàárín ẹnu aláìsàn àti bírò dókítà, báwo sì ni a ṣe lè mọ̀ pé ó ti sọnù?

2.0 Ibi tí irú ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn

Kò sí bí a ó ṣe sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ní Yewa tí a kò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé. Dípò kí wọ́n ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, àwọn kan nínú wọn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà bá àwọn ti Aro ṣiṣẹ́ pọ̀ láti wádìí àìsàn ọkàn láàárín Yorùbá. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ mọ àmì ìbànújẹ́ tó di àìsàn dáadáa: àìlèsùn, àìlèjẹun, àárẹ̀, ẹkún, àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun. Ohun tí wọn kò rí ni orúkọ kan ṣoṣo tí Yorùbá fi ń pe gbogbo àmì wọ̀nyí lápapọ̀. Kókó yìí ṣe pàtàkì sí àlàyé tó ń bọ̀, nítorí pé aláìsàn tí kò ní orúkọ fún àìsàn rẹ̀ yóò máa sọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ ni.

3.0 Àpẹẹrẹ kan

Àpẹẹrẹ àfinúrò ni èyí, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ wọ́pọ̀. Obìnrin kan, ẹni ọdún 38, ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí Ayétòrò. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tọ́jú ibà àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ fún un láàárín oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ ara kò yá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Nígbà tí dókítà béèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní: "Orí mi ń gbóná, dókítà. Ooru kan máa ń gbéra láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi, á gba ẹ̀yìn mi gòkè. Nǹkan a sì máa rìn lórí mi bí èèrà."

Dókítà kan lè kọ gbogbo rẹ̀ báyìí:

"Ó ń ronú jù. Ipò ọkàn: kò dára tó. Ewu: kò sí. Ètò: òògùn oorun, kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan."

Ìlà mẹ́rin péré ni, kò sì sí èyí tí ẹlòmíràn lè lò nínú rẹ̀. Apá mẹ́ta tó kàn nínú bébà yìí yóò fi ìdí rẹ̀ hàn, wọn yóò sì fi ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ hàn pẹ̀lú.

4.0 Ipò ọkàn

Ọ̀nà méjì ni àkọsílẹ̀ ń gbà sọ ipò ọkàn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ, èyí tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀nà kejì ni ohun tí dókítà fojú ara rẹ̀ rí: ìrísí ojú, ìró ohùn, bóyá aláìsàn lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bá wáyé. Àwọn méjèèjì lè yàtọ̀ síra. Ẹni tó ní "kò sí nǹkan" lè máa da omijé lójú bó ti ń sọ ọ́, ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun tó yẹ ní kíkọ.

Ooru orí àti nǹkan tó ń rìn lára jẹ́ ẹjọ́ tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà mọ̀ dunjú. Ìbànújẹ́ tó di àìsàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń gba ara sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò tún pàṣẹ àyẹ̀wò ibà lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nìkan sì lè rò pé aláìsàn ń rí ohun tí kò sí, kó sì kọ ọ́ bí wèrè. Ìbéèrè tó ń yanjú rẹ̀ kò le: "Ẹ rò pé kí ni ó ń rìn níbẹ̀, mà?" Bí obìnrin náà bá dáhùn pé, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bó ṣe ń ṣe mí ni," ó ti fi hàn pé òun mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ara ń sọ àti ohun tó wà lóòótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà yóò wá béèrè iye ọjọ́. Kí ìbànújẹ́ tó di àìsàn ní ìlànà ìṣègùn, ó gbọ́dọ̀ ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, lójoojúmọ́ tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì ti dí iṣẹ́ ẹni lọ́wọ́. Obìnrin yìí ní òun máa ń jí ní aago mẹ́ta òru láti oṣù méjì, oorun kì í sì í padà. Ó ní òun kò lè dá àwọn ọmọ kíláàsì òun lóhùn mọ́. Ó fi kún un pé: "Ikú ọkọ mi ká mi lára, àmọ́ èyí kọjá ọ̀fọ̀. Èmi gan-an ni kò wúlò mọ́." Ọ̀fọ̀ máa ń mú kí ayé ṣófo lójú ẹni, ìbànújẹ́ tó di àìsàn a máa mú kí ẹni fúnra rẹ̀ di ohun àìwúlò lójú ara rẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló yẹ kó wọ inú fáìlì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.

5.0 Ewu

"Ewu: kò sí" ni ọ̀rọ̀ tó léwu jù nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí kò sọ bóyá ẹnikẹ́ni béèrè. Àkọsílẹ̀ tó péye máa ń fi ìbéèrè àti ìdáhùn hàn, kí òǹkàwé lè mọ̀ bóyá "kò sí" túmọ̀ sí "ó ní rárá" tàbí "a kò bi í".

Yorùbá kì í ka ikú ọwọ́ ara ẹni sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lójú agbo. Òfin ìwà ọ̀daràn tó wá láti ìgbà ìjọba amúnisìn náà ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í pamọ́ fún dókítà. Nítorí náà, ńṣe ni dókítà tó mọṣẹ́ máa ń ní kí àbúrò aláìsàn bọ́ síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. "Ǹjẹ́ ayé ti sú yín rí, mà?" "Ǹjẹ́ ẹ ti gbàdúrà pé kí ẹ sùn kí ẹ má jí?" "Ǹjẹ́ ó ti wá sí yín lọ́kàn láti fọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín?" "Ẹ ti ronú ọ̀nà tí ẹ ó gbà?" "Kí ni ó dá yín dúró?" Ìwádìí ti fi hàn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn; ó sábà máa ń tu aláìsàn lára pé ẹnì kan béèrè.

Obìnrin inú àpẹẹrẹ yìí dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun wo ìgò òògùn apakòkòrò tí ọkọ òun fi sílẹ̀ nínú yàrá. Ohun tó dá a dúró ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì, ìgò àti ọmọ, nítorí ọ̀kan ń fa ẹni lọ síbi ikú, èkejì ń fà á padà.

Kì í ṣe pé kí dókítà kàn kọ "ewu pọ̀" tàbí "ewu kéré" kó sì lọ. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ má ṣe fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò pa ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í pinnu ẹni tí yóò rí ìtọ́jú gbà. Ewu máa ń yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ohun tó wúlò ni kí àkọsílẹ̀ sọ ohun tó lè mú un pọ̀ sí i: bí ìrántí ọdún ikú ọkọ bá dé, bí àbúrò bá padà sí ilé tirẹ̀, bí oorun bá tún burú sí i.

6.0 Ètò

Ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ ewu gbọ́dọ̀ ní alábàáṣe rẹ̀ lábẹ́ ètò. Èyí ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi dán àkọsílẹ̀ wò. Níwọ̀n bí ìgò ti wà lábẹ́ ewu, ètò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò gbé e kúrò nílé àti ìgbà tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà gbà kí wọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò sì ṣèlérí láti kó gbogbo òògùn kòkòrò jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì sùn tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Òògùn tí dókítà yàn náà jẹ mọ́ ewu. Amitiriputilíìnì, tó wọ́pọ̀ tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n, lè pa ènìyàn bó bá gbé púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Bí dókítà bá kọ ti oṣù kan fún obìnrin yìí, ó ti fi ìgò mìíràn rọ́pò ìgò tí wọ́n gbé kúrò. Fulọsẹ́tíìnì kò léwu tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ kan péré ló yẹ kó kọ, kí àbúrò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé òun ṣàlàyé pé òògùn náà lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ara tó fúyẹ́. Ẹni tí wọn kò sọ èyí fún yóò dá a dúró ní ọjọ́ karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ààlà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Yewa ní ẹbí ní Kétu àti Pobẹ̀, wọ́n sì ń gba Ìdí-Ìrókò àti àwọn ọ̀nà mìíràn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí ilé àdúrà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Dókítà tó bá bú ọ̀nà wọ̀nyí kò ní gbúròó wọn mọ́. Èyí tó dára ni kó béèrè ibi tí aláìsàn ti lọ, kó ní kó kó gbogbo àgbo àti òògùn tó ń lò wá, títí kan èyí tí wọ́n fi èdè Faransé kọ sí lára, kó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti dè é tàbí fi ebi pa á.

Àkọsílẹ̀ tó yẹ lè wá rí báyìí:

"Ipò ọkàn: ó ní 'èmi gan-an ni kò wúlò mọ́.' Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kò rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Oṣù méjì. Ó ń jí ní aago mẹ́ta òru. Ooru orí, kò gbà pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ewu: a bi í ní òun nìkan. Ó ti ronú láti pa ara rẹ̀. Ó wo ìgò òògùn kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì gbìyànjú rí. Ọmọ rẹ̀ ló dá a dúró. Kò sí èrò láti ṣe ẹlòmíràn ní ibi.

Ètò: àbúrò yóò kó ìgò jáde lónìí, yóò sì sùn tì í. Fulọsẹ́tíìnì ọ̀sẹ̀ kan, lọ́wọ́ àbúrò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì fún ilé-ìwé, láìdárúkọ àìsàn. Kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje; bí kò bá wá, nọ́ọ̀sì yóò pe àbúrò lọ́jọ́ kejì. Bí èrò ikú bá le sí i, kí wọ́n gbé e wá lójú ẹsẹ̀."

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àkọsílẹ̀ kejì kò fi bẹ́ẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí kò rí obìnrin náà rí lè fi ṣiṣẹ́ ní òru. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí; ìdí nìyí tí ìwé ìsinmi ilé-ìwé kò fi dárúkọ àìsàn. Láti 2011 ni Aro pẹ̀lú ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti dá àìsàn ọkàn mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ èdè aláìsàn. Iṣẹ́ tó ṣẹ́kù fún onímọ̀ èdè ni láti bá wọn ṣe àkójọ irú gbólóhùn bíi "orí mi ń gbóná" àti "ayé sú mi", pẹ̀lú ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ohun tí aláìsàn sọ ní Ayétòrò lè dé inú fáìlì láìsọnù.