Bí Michelson ṣe fi ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn mítà

Ní ọdún 1892, ọ̀pá irin kan tí wọ́n tọ́jú sí Sèvres, lẹ́bàá Páríìsì, ni ayé ń pè ní mítà. Bí ọ̀pá náà bá gùn sí i tàbí kó sún kì díẹ̀, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni a lè fi mọ̀, irin sì ni àwọn náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ké sí Albert Michelson láti Amẹ́ríkà pé kó wá fi ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn ọ̀pá náà.

Irinṣẹ́ rẹ̀, intaferómítà, ní gíláàsì kan tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì. Ìdajì lọ bá dígí tó dúró sójú kan, ìdajì kejì lọ bá dígí tí wọ́n ń fi ìdè sún. Nígbà tí méjèèjì bá padà pàdé, ojú á rí àwọn ìlà pupa àti dúdú tó tò léra wọn. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń lọ ó sì ń bọ̀, bí dígí bá sún ní ìdajì gígùn ìgbì kan péré, ìlà kan á kọjá. Fún ìmọ́lẹ̀ pupa kádíọ́mù tí Michelson lò, ìlà kan jẹ́ nǹkan bíi 0.000322 mìlímítà.

Ìṣòro méjì ló yọjú. Nínú mítà kan, ìlà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta: ẹni tó bá ń ka ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tọ̀sán tòru, á lo nǹkan bí ọjọ́ 36. Ìkejì ni pé bí gígùn ọ̀nà tí ìdajì ìmọ́lẹ̀ méjèèjì gbà bá ti yàtọ̀ jù síra wọn, àwọn ìlà á ṣú, kò ní ṣeé kà mọ́.

Michelson wá ṣe òṣùwọ̀n mẹ́sàn-án. Èyí tó kúrú jù jẹ́ 0.39 mìlímítà, ìkọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti iwájú rẹ̀, títí dé 10 sẹ̀ntímítà. Àkọ́kọ́ nìkan ló kà tán pátápátá: ìlà 1,212. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó sún un síwájú ní iye gígùn ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló fi mọ̀ pé ó ti dé ibi tó yẹ, nítorí pé ìlà tirẹ̀ kì í hàn àfi bí ọ̀nà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkejì nìyẹn: ìlà 2,424, àti ìyàtọ̀ kékeré tó ṣeé kà.

Ṣé àṣìṣe kò ní máa di ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po náà ń sọ iye ìlà tó pé, ṣùgbọ́n ìdá tó ṣẹ́kù, ìmọ́lẹ̀ kádíọ́mù ni wọ́n fi ń kà á lára òṣùwọ̀n tuntun náà fúnra rẹ̀. Bí àṣìṣe kò bá ti tó ìdajì ìlà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀síwájú.

Níkẹyìn, wọ́n sún òṣùwọ̀n kẹsàn-án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà. Èsì rẹ̀ ni pé ìgbì 1,553,163.5 ló wà nínú mítà kan, bí afẹ́fẹ́ bá wà ní ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tí agbára títẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 760 mìlímítà mẹ́kúrì. Wọn kò lè yọ àfikún yìí sílẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ tó bá gbóná tàbí tó ki máa ń yí gígùn ìgbì padà. Nígbà tí ayé pa ọ̀pá náà tì lọ́dún 1960, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ti kríptọ́ọ̀nù ni, kì í ṣe ti kádíọ́mù.